Iye Ọjà Dúró, Gbèsè Ń Rìn: Èrè àti Àdánù Pàṣípààrọ̀ Lórí Ọjà Òkèèrè Tí A Kò Tètè Sanwó Rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí ìwé owó, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn akáǹtáǹtì yín ń kọ nípa yín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ lónìí kì í pẹ́ dá ìjà sílẹ̀ bí ọdún bá ti ń parí. Oníṣòwò ra ọjà lókèèrè ní dọ́là, olùtajà sì fún un láyè oṣù mélòó kan kó tó sanwó. Kí ọjọ́ ìsanwó tó pé, dọ́là ti wọ́n sí i. Akáǹtáǹtì kọ àdánù sínú ìwé. Inú bí oníṣòwò: "Àdánù kẹ̀? Ṣé mo ti sanwó ni? Ọjà mi ò tíì tà tán, ẹ ti ń kọ ọ́ pé mo pàdánù!" Bí ìbínú náà bá rọlẹ̀ díẹ̀, yóò ní, "Bí ẹ bá tiẹ̀ máa kọ ọ́, ẹ fi kún iye tí mo ra ọjà."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò dáadáa. Ìdáhùn mi kò gùn. Láti ọjọ́ tí ọjà bá ti wọ ìwé yín, ọjà àti gbèsè orí rẹ̀ ti pínyà. Iye ọjà dúró síbi tí réètì ọjọ́ náà gbé e sí. Gbèsè ló ń bá dọ́là gòkè, òun ló ń bá a sọ̀ kalẹ̀. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí gbèsè náà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, inú ìwé èrè àti àdánù ló ń lọ, kò tún padà sórí ọjà mọ́. Bí ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IAS 21 ṣe là á kalẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjà kan ká tẹ̀lé e dópin. Ilé iṣẹ́ kan ra ẹ̀rọ ìfami ọgọ́rùn-ún lókèèrè, 200 dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, 20,000 dọ́là ni gbogbo rẹ̀. N ò ní dárúkọ owó orílẹ̀-èdè kankan. "Owó ilé" ni màá máa pè é, kí kálukú fi orúkọ owó tó ń ná sí i. Ọjọ́ 20 Oṣù Kẹwàá ló wà lórí ínfọ́ìsì, dọ́là kan sì jẹ́ 49 owó ilé lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ 3 Oṣù Kọkànlá ni wọ́n kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi, réètì ti di 50. Ọjọ́ 12 Oṣù Kejìlá ni ẹrù gúnlẹ̀, réètì ti di 52. Ọjọ́ 31 oṣù náà ni ọdún ìṣirò ilé iṣẹ́ yìí parí, réètì jẹ́ 53. Nígbà tó fi di ọjọ́ 15 Oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n sanwó, dọ́là ti rọ̀ padà sí 51. Owó ọkọ̀ àti owó ẹnubodè wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ màá yọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìṣirò wa má bàa dojú rú.

Réètì márùn-ún rèé fún ọjà kan ṣoṣo. Èwo la ó fi gbé ọjà wọ ìwé?

Ojú ínfọ́ìsì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó wà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ wò. Wọ́n rí ọjọ́ 20 Oṣù Kẹwàá, wọ́n wá réètì ọjọ́ náà, wọ́n tẹ 49 sínú kọ̀ǹpútà, ó parí. Àmọ́ ọjọ́ tí olùtajà tẹ ínfọ́ìsì jáde kọ́ ni ìlànà ń béèrè. Ọjọ́ tí ọjà náà kọ́kọ́ yẹ ní kíkọ sínú ìwé ló ń béèrè, ìyẹn ọjọ́ tí ọjà di tiyín, tí gbèsè rẹ̀ náà sì di tiyín. Láti mọ ọjọ́ yẹn, ẹ wo àdéhùn ìfiránṣẹ́ tó wà lórí ínfọ́ìsì kan náà, lẹ́tà mẹ́ta péré tí ojú máa ń fò. Bó bá jẹ́ FOB, ewu ọjà ti bọ́ sọ́rùn ẹni tó rà á látìgbà tí ẹrù ti wà nínú ọkọ̀ ní èbúté ibi tó ti ń bọ̀. Bákan náà ni CIF rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olùtajà ló sanwó ọkọ̀ àti owó ìbánigbófò. Bó bá sì jẹ́ DAP, ọrùn olùtajà ni ewu wà títí ẹrù yóò fi dé ibi tí wọ́n jọ fẹnu kò sí. Ibi tí ewu bá wà kọ́ ni gbogbo ẹ̀rí pé ọjà ti di teni, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, òun ló máa ń júwe ọ̀nà.

FOB ni ti ilé iṣẹ́ wa yìí. Ìwé ẹ̀rí ìkẹ́rù tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi fi lé wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ 3 Oṣù Kọkànlá lára, nítorí náà 50 ni réètì wa. 20,000 × 50 = 1,000,000. Ọjà gba 1,000,000 owó ilé, gbèsè olùtajà náà gba 1,000,000. Ẹ̀rọ ìfami kọ̀ọ̀kan di 10,000 owó ilé nínú ìwé, bí ẹrù náà tilẹ̀ ṣì wà lórí omi.

Ẹ lè ní kí ló kàn mí pẹ̀lú ìyàtọ̀ 49 àti 50. Bí a bá lo 49, ọjà á wọlé ní 980,000, á fi 20,000 dín sí bó ṣe yẹ. Nígbà tí ọdún bá parí, tí a gbé gbèsè dé 53, àdánù pàṣípààrọ̀ á jẹ́ 80,000 dípò 60,000. Owó kan náà ni, ó kàn fi ibùjókòó rẹ̀ sílẹ̀ lórí ọjà, ó lọ jókòó sórí àdánù ni. Bó bá wá jẹ́ DAP, tí ọjà di tiwa ní ọjọ́ 12 Oṣù Kejìlá, ìdàkejì ni: ọjà á wọlé ní 1,040,000, àdánù òpin ọdún á sì jẹ́ 20,000 péré. Lẹ́tà mẹ́ta lórí ínfọ́ìsì ló ń ṣe gbogbo èyí. Èmi tí mo bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni wò, ìwé ìkẹ́rù ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, kí n tó béèrè réètì.

Ó wá di ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá. Wọ́n ti ta ogójì lára ẹ̀rọ ìfami náà, ọgọ́ta ṣẹ́kù nílẹ̀. Wọn ò tíì san dọ́là kankan. Ohun méjì la ó wò báyìí, a ò sì ní fi ojú kan náà wò wọ́n.

Ọjà tó ṣẹ́kù jẹ́ ọgọ́ta, 10,000 lọ́nà ọgọ́ta, 600,000 owó ilé. A ò ní fọwọ́ kàn án. Dọ́là ì báà di 53, ì báà di 90, 10,000 ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú iye rẹ̀ wálẹ̀ ni bí owó tí wọ́n máa tà á bá kéré sí iye tí wọ́n rà á, ìyẹn kò sì kan pàṣípààrọ̀.

Gbèsè ní tirẹ̀ kì í ṣe ẹrù. Dọ́là la jẹ, dọ́là la ó san. Bí a bá ní gbèsè náà ṣì jẹ́ 1,000,000 lọ́jọ́ yẹn, a parọ́ fún ẹni tó ń ka ìwé wa, torí pé 1,000,000 owó ilé kò lè ra 20,000 dọ́là mọ́. 20,000 × 53 = 1,060,000 ló lè rà á. A ó gbé gbèsè gòkè ní 60,000, a ó sì kọ 60,000 sí àdánù pàṣípààrọ̀ ọdún náà. Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni o, kì í ṣe ti ogójì tí a ti tà nìkan.

Ibí yìí gan-an ni oníṣòwò ti máa ń ní ká fi kún ọjà. Ẹ jẹ́ ká ṣe bó ṣe wí, ká wo ibi tó máa já sí. 60,000 pín sórí ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ, 600 lé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ìfami kan di 10,600. Ọgọ́ta tó wà nílẹ̀ di 636,000. Ṣé ẹ rí i pé 36,000 lára àdánù ti lọ sá pamọ́ sínú ilé ìkẹ́rùsí? Èrè ọdún náà yóò dára lójú ju bó ṣe rí lọ, báńkì tó bá wo ìwé yẹn yóò sì rò pé ọjà ti níye lórí sí i. Kò níye lórí sí i. Ẹ̀rọ ìfami kan náà ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ṣe ìpinnu méjì lọ́jọ́ kan: ó pinnu láti ra ẹ̀rọ, ó sì pinnu láti jẹ gbèsè dọ́là. Ká ní ó sanwó lọ́wọ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ 3 Oṣù Kọkànlá ni, iye ẹ̀rọ kò ní yàtọ̀, àdánù yìí kò sì ní sí rárá. Ìpinnu kejì ló bí àdánù, ìdí nìyẹn tí a kì í fi lé ti àkọ́kọ́ lọ́rùn.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé àwọn àgbà akáǹtáǹtì kan máa ń fi kún ọjà nígbà kan rí. Òótọ́ ni. IAS 21 tí wọ́n tún ṣe ní 1993 fi àyè kékeré kan sílẹ̀: bí owó ilé bá já wálẹ̀ lọ́nà tó le, tí kò sí ọ̀nà láti dáàbò bo ara ẹni, tí gbèsè náà kò ṣeé san, tó sì jẹ́ pé ọjà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló fà á, a lè fi àdánù náà kún iye ọjà. Nígbà tí wọ́n tún ìlànà náà ṣe ní 2003, wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Ẹni tó bá ṣì ń lò ó lónìí, ìwé àtijọ́ ló ń kà.

Ọjọ́ ìsanwó dé, ọjọ́ 15 Oṣù Kẹta. Dọ́là ti rọ̀ sí 51. Báńkì gba 1,020,000 owó ilé, olùtajà gba 20,000 dọ́là rẹ̀. Nínú ìwé, 1,060,000 ni gbèsè tó wọ inú ọdún tuntun. A fi 1,020,000 san án, 40,000 ṣẹ́kù, èrè pàṣípààrọ̀ ọdún tuntun nìyẹn.

Níbí ni oníṣòwò ti máa ń ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ àdánù 60,000 lọ́jọ́sí, ẹ tún ń kọ èrè 40,000 báyìí. Èwo gan-an lòótọ́?" Òótọ́ ni méjèèjì. Láti orí 50 dé orí 51, owó ilé kan ló lé lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan, 20,000 sì ni àpapọ̀ ohun tó sọ nù lórí gbèsè yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. 60,000 lọ ní ọdún àkọ́kọ́, 40,000 padà wá ní ọdún kejì. Ẹni tó ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà ní ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá ní ẹ̀tọ́ láti mọ bí gbèsè ṣe wúwo tó lọ́jọ́ náà, kì í ṣe bó ṣe máa rí lẹ́yìn oṣù méjì àtààbọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Bí dọ́là bá tiẹ̀ rọ̀ ní Oṣù Kìíní, kí wọ́n tó parí ìwé ọdún, iye ti ọjọ́ 31 kò ní yí padà torí ìyẹn. Ti agbowó orí ni kí ẹ bi akáǹtáǹtì yín lọ́tọ̀, torí pé àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí òfin owó orí wọn kì í ka àdánù bẹ́ẹ̀ sí títí dìgbà tí a bá sanwó.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ohun kan tó máa ń da àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá láàmú: àsansílẹ̀. Olùtajà òkèèrè tí kò mọ̀ yín rí kì í sábà gbé gbogbo ẹrù fún yín láwìn. Yóò ní kí ẹ mú díẹ̀ wá ná. Ká ní ilé iṣẹ́ wa san 5,000 dọ́là sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí réètì jẹ́ 46. Báńkì gba 230,000 owó ilé. Owó yẹn ti lọ. Kì í ṣe dọ́là ni wọ́n máa kó padà fún wa, ẹ̀rọ ìfami ni. Nítorí náà, kò tún sí ohun tó kan òun àti dọ́là mọ́. 230,000 ló máa jẹ́ títí ọjà yóò fi dé. Ọdún 2016 ni àlàyé kan tó ń jẹ́ IFRIC 22 jáde lórí èyí, ó sì di dandan láti ìbẹ̀rẹ̀ 2018.

Nígbà tí ọjà wá di tiwa ní ọjọ́ 3 Oṣù Kọkànlá, iye rẹ̀ kò ní jẹ́ 1,000,000 mọ́. 230,000 tí a ti san sílẹ̀, pẹ̀lú 15,000 dọ́là tó ṣẹ́kù ní réètì 50, ìyẹn 750,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 980,000. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan di 9,800. Gbèsè tó ń bá dọ́là rìn jẹ́ 15,000 dọ́là péré: ní òpin ọdún ó di 795,000, àdánù 45,000, ní ọjọ́ ìsanwó a fi 765,000 pa á rẹ́, èrè 30,000.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí níbí ni kí akáǹtáǹtì gbé gbogbo ọjà wọlé ní 50, kó sì wá rí i pé àsansílẹ̀ tó kọ sí 230,000 ti "di" 250,000. Ó wá kọ 20,000 sí èrè pàṣípààrọ̀. Èrè láti ibo? Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ní dọ́là. Ó kàn gbé iye ọjà gòkè ní 20,000, ó sì pe ìyẹn ní èrè ni. Bí ọjà náà bá ti ń tà, èrè orí ọjà á máa dín ní 20,000 yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ohun tó fà á. Ohun kan péré ló lè sọ àsansílẹ̀ di nǹkan tó ń bá dọ́là rìn: bí àdéhùn bá fọ́, tí olùtajà sì gbà pé òun máa dá owó padà. Láti ọjọ́ yẹn, kì í ṣe ọjà là ń retí mọ́, dọ́là ni, a ó sì máa fi réètì tuntun wò ó.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ti yí nínú ìwé? Ẹ má wá a lọ sínú àpapọ̀ èrè àti àdánù, kò ní sọ fún yín. Ẹ ṣí lẹ́jà olùtajà yẹn gan-an, kí ẹ wo iye méjì tó wà níbẹ̀: báláǹsì dọ́là àti báláǹsì owó ilé. Ẹ fi dọ́là pín owó ilé. Ní òpin ọdún, ohun tó gbọ́dọ̀ jáde ni 53. Bí 50 bá jáde, kò sẹ́ni tó gbé gbèsè dé réètì òpin ọdún. Bí 51.7 tàbí iye mìíràn tí kò jọ réètì ọjọ́ kankan bá jáde, apá kan ni wọ́n gbé, wọ́n gbàgbé ìyókù, tàbí kí wọ́n ti kọ ìsanwó kan ní réètì tí kò tọ́.

Èyí tó burú jù ni kí dọ́là jẹ́ òfo kí owó ilé má jẹ́ òfo. Mo fẹ́ fi bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ hàn yín, torí kọ̀ǹpútà ló máa ń fà á, kì í ṣe ọwọ́ èèyàn. Nígbà tí ọdún parí, sọ́fítíwíà gbé gbèsè wa láti 1,000,000 dé 1,060,000. Ọ̀nà méjì ló wà tó lè gbà lọ sínú ọdún tuntun. Ó lè yí 60,000 yẹn padà ní ọjọ́ 1 Oṣù Kìíní, kí gbèsè padà sí 1,000,000, kó sì wá ka ìsanwó láti orí 50: èrè 60,000 láti ara ìyípadà, àdánù 20,000 lọ́jọ́ ìsanwó, 40,000 ló ṣẹ́kù. Tàbí kó má yí nǹkan kan padà, kó ka ìsanwó láti orí 53, kí èrè jẹ́ 40,000 tààrà. Ibì kan náà ni méjèèjì já sí. Wàhálà dé nígbà tí wọ́n bá gbàgbé láti yí 60,000 padà, tí sọ́fítíwíà sì tún ka ìsanwó láti orí 50. Yóò yọ 1,000,000 kúrò nínú gbèsè, yóò tún kọ àdánù 20,000 lé e. Àdánù ọdún méjèèjì á di 80,000, nígbà tó jẹ́ 20,000 péré ló sọ nù. Lẹ́jà olùtajà á sì fi hàn pé a ò jẹ dọ́là kankan, síbẹ̀ a jẹ 60,000 owó ilé. Gbèsè tí kò lólówó! Mo ti rí irú rẹ̀ tó jókòó nínú ìwé ilé iṣẹ́ kan fún ọdún bíi mélòó kan, tí wọ́n ń pè é ní "ìyókù kékeré", tí wọ́n sì ń gbé e láti ọdún dé ọdún.

Ìdánwò kejì wà fún ẹni tí kò bá fọkàn tán èyí. Bí gbèsè bá ti tán, ẹ mú réètì tí ọjà fi wọ ìwé, kí ẹ yọ réètì tí ẹ fi sanwó kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ fi iye dọ́là sọ ọ́ di púpọ̀. 50 − 51, lọ́nà 20,000, àdánù 20,000. Gbogbo èrè àti àdánù tí ẹ ti kọ lórí gbèsè náà láti ọdún dé ọdún gbọ́dọ̀ já sórí iye yẹn gẹ́lẹ́.

Ó lè má já síbẹ̀ nígbà mìíràn torí ṣáájì báńkì. Báńkì gba 1,020,000 fún dọ́là, ó tún gba owó iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì yọ méjèèjì pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Akáǹtáǹtì tí kò béèrè ìwé àlàyé lọ́wọ́ báńkì yóò kọ gbogbo rẹ̀ sí àdánù pàṣípààrọ̀. Ẹ yà wọ́n. Bákan náà, réètì tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fi ṣírò owó ẹnubodè jẹ́ tiwọn, fún owó ẹnubodè nìkan. Ẹ má fi gbé ínfọ́ìsì wọ ìwé.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, wọ́n béèrè ìbéèrè díẹ̀, mo sì fẹ́ kí méjì wọ inú àkọsílẹ̀ yìí.

Bàbá kan ní iwájú béèrè pé, "Tí réètì bá jẹ́ méjì ńkọ́? Ti ìjọba wà lórí ìwé, àmọ́ a ò rí dọ́là rà níbẹ̀." Mo ní, bàbá, ìbéèrè yín dára. Réètì tí ẹ lè fi san gbèsè náà ní ti gidi lọ́jọ́ náà ni ìlànà fẹ́, kì í ṣe èyí tó kéré jù lójú. Bí òfin bá fún yín láyè láti ra dọ́là lọ́nà ti ìjọba, tó kàn jẹ́ pé ẹ ó tò fún ọjọ́ díẹ̀ tí kò ju bó ṣe yẹ lọ, réètì yẹn ṣì ni tiyín. Bó bá dé ibi tó jẹ́ pé kò sí ọ̀nà kankan tí ẹ lè gbà rí ju ìwọ̀nba bíńtín, a jẹ́ pé owó náà kò ṣeé pààrọ̀ mọ́. Fún ìyẹn, wọ́n fi àtúnṣe kan kún IAS 21 ní Oṣù Kẹjọ 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 Oṣù Kìíní 2025: ẹ ó fojú ṣírò réètì tí pàṣípààrọ̀ ìbá jẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ ó sì ṣàlàyé fún ẹni tó ń ka ìwé yín bí ẹ ṣe dé orí rẹ̀.

Ìyá kan tó ń ṣe òwò ẹ̀rọ béèrè pé, "Ọmọ mi, èmi ní dọ́là tèmi ní báńkì. Òun ni mo máa fi san án. Ṣé àdánù yẹn ṣì kàn mí?" Mo ní, ó kàn yín, mà, àmọ́ kò ní dùn yín. Dọ́là tó wà ní báńkì náà ń bá réètì rìn gẹ́gẹ́ bíi gbèsè. Bí ẹ bá ní 20,000 dọ́là níbẹ̀ láti ọjọ́ 3 Oṣù Kọkànlá, yóò gòkè láti 1,000,000 dé 1,060,000 ní òpin ọdún, èrè 60,000, àdánù 60,000 lórí gbèsè, òfo. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ kọ méjèèjì, ẹ má sọ pé torí wọ́n pa ara wọn rẹ́ kí ẹ má kọ ìkankan. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní 12,000 péré ló wà níbẹ̀. Mo ní a jẹ́ pé 8,000 ni kò níbòòrùn. Lópin ọdún, 24,000 ni àdánù tó máa kù sí yín lọ́wọ́.